Ẹ bá mi wo ímeèlì yìí kí n tó fi ránṣẹ́: ìbéèrè àti ìdáhùn lórí títọrọ àfikún ọjọ́ lọ́wọ́ olùkọ́

Ìwé yíyẹ̀wò ni mo fi ń jẹun ní Ilé-Ifẹ̀. Ìtòsí géètì yunifásítì ni tábìlì mi wà, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ló sì pọ̀ jù nínú oníbàárà mi. Tí sáà bá ti ń parí lọ, ímeèlì ni wọ́n máa ń gbé wá: "Ẹ̀gbọ́n, ẹ bá mi wo lẹ́tà yìí, mo fẹ́ bẹ olùkọ́ wa kí wọ́n fún mi láyè díẹ̀ sí i." Àwọn tó ń kọ ọ́ ní Yorùbá ni mo fẹ́ dá lóhùn níbí, ìyẹn àwọn ọmọ ẹ̀ka ẹ̀kọ́ Yorùbá, nítorí tiwọn le díẹ̀ ju ti ẹlòmíì lọ. Olùkọ́ tí wọ́n ń bẹ̀ gan-an ló ń kọ́ wọn ní àkọtọ́.

Ṣé a lè rí ọ̀kan nínú irú ímeèlì bẹ́ẹ̀?

Bẹ́ẹ̀ ni. Ọmọ Páàtì 3 kan ló gbé èyí wá ní alẹ́ Ọjọ́rú, nígbà tí iṣẹ́ tí wọ́n ní kí ó ṣe gbọ́dọ̀ dé ọwọ́ olùkọ́ ní ọjọ́ Ẹtì. Ó gbà kí n lò ó. Mo ti yí nọ́ńbà kọ́ọ̀sì àti déètì padà, ṣùgbọ́n bó ṣe tẹ ọ̀rọ̀ rẹ̀ nìyí:

```
Ekaaro sa,
Moki o fun ise takuntakun ti e nse lori wa.
Mo kowe yi lati fi to yin leti wipe mi o ni le
fi ise mi sile ni ojo Eti nitoripe iya mi nse
aisan. E jowo e fun mi ni ose kan si.
Mo nreti esi yin kiakia.
O se sa.
```

Kò sí orí ọ̀rọ̀ lókè rẹ̀, kò sí orúkọ nísàlẹ̀ rẹ̀. Ó ní orúkọ òun á ṣáà hàn lára àdírẹ́sì. Mo wo àdírẹ́sì náà: orúkọ ìnagijẹ ni, pẹ̀lú ọdún tí wọ́n bí i.

Kí ni ẹ kọ́kọ́ ń wò? Àmì ohùn ni?

Rárá o, àmì ohùn ló ń kẹ́yìn. Ohun tí mo kọ́kọ́ ń bi ara mi ni pé kí ni lẹ́tà yìí ń ṣe gan-an. Ṣé ó ń bẹ̀bẹ̀ ni, àbí ó ń kéde?

Tún gbólóhùn kejì kà: "Mo kọ̀wé yìí láti fi tó yín létí." Ìkéde nìyẹn. Báálẹ̀ ló ń fi tó ará ìlú létí pé ọjà kò ní ná lọ́la. Onílé ló ń fi tó ayálégbé létí pé owó ilé ti gbẹ́nu sókè. Ẹni tó fẹ́ tọrọ nǹkan kì í fi tó ẹni tó ni nǹkan létí. Ọmọ náà kò ní àrífín lọ́kàn rárá. Èdè tó gbọ́ lẹ́nu sọ̀rọ̀sọ̀rọ̀ orí rédíò ló gbé wá síbẹ̀, ó rò pé bí a ṣe ń kọ ìwé tó níláárí nìyẹn. Ṣùgbọ́n lójú olùkọ́, ohun tí ìlà yẹn ń wí ni pé: mo ti pinnu, ẹ kàn gbọ́ ni.

"Mo ń retí èsì yín kíákíá" tún burú jù ú lọ. Ta ló ń sọ fún àgbà pé kó ṣe kíákíá? Nígbà tí mo kà á sókè fún un, òun fúnra rẹ̀ bo ẹnu. Ìdí nìyí tí mo fi máa ń ka lẹ́tà sókè kí n tó gbé bírò: ohun tí ojú fò, etí á mú un.

Lẹ́yìn náà ni mo máa ń wá gbólóhùn kan ṣoṣo tí ẹ̀bẹ̀ wà nínú rẹ̀, n ó sì fi ọwọ́ bo gbogbo ìyókù. Tí ó bá jẹ́ gbólóhùn yẹn nìkan ni olùkọ́ rí, ṣé yóò mọ ohun tí wọ́n ń tọrọ? Tiwa yìí wí pé "ẹ fún mi ní ọ̀sẹ̀ kan sí i." Lórí iṣẹ́ wo? Láti ìgbà wo? Ta ni "mi"? Olùkọ́ tó ń kọ́ kíláàsì mẹ́ta kò lè fi ìyẹn ṣe nǹkan kan, àfi kó tún kọ̀wé padà láti béèrè. Ìgbà púpọ̀ kò sì ní kọ ọ́.

Kí ló ṣe "fi iṣẹ́ mi sílẹ̀"? Gbogbo wa la ń sọ ọ́.

Ẹni tó bá fi iṣẹ́ sílẹ̀ ti kúrò lẹ́nu iṣẹ́ nìyẹn. "Mi ò ní lè fi iṣẹ́ mi sílẹ̀" dùn ún gbọ́ lẹ́nu òṣìṣẹ́ tí wọ́n ń fi ipò mìíràn lọ̀. Kọ "kó iṣẹ́ mi wá" tàbí "fi iṣẹ́ mi ránṣẹ́", ó parí.

Mo fi "ẹ" kọ gbogbo rẹ̀. Ṣé ọ̀wọ̀ ti wà níbẹ̀ báyìí?

Kò dájú. Ibí yìí ni mo ti ń rí àṣìṣe jù, mo sì fẹ́ kí o fara balẹ̀ sí i.

Èyí tó hàn gbangba ni kí a máa pa "o" pọ̀ mọ́ "ẹ". Nínú lẹ́tà yìí, ó ní "mo kí ọ", kò tíì parí gbólóhùn tó fi ní "tí ẹ ń ṣe". Olùkọ́ kan náà ti di ìwọ, ó ti di ẹ̀yin. Ní ìparí ó tún ní "O ṣé, sà", bíi pé "sà" yóò bá a wẹ "o" mọ́. Kò lè wẹ̀ ẹ́ mọ́. "Ẹ ṣé" tàbí "ẹ ṣeun" ni.

Èyí tó fara sin ni "ẹ" tí kì í ṣe ọ̀wọ̀. Nígbà tí "ẹ" bá ṣáájú ọ̀rọ̀-ìṣe, ọ̀wọ̀ ni: ẹ wá, ẹ jókòó, ẹ gbà. Ṣùgbọ́n tí ó bá tẹ̀ lé ọ̀rọ̀-ìṣe, ọ̀rọ̀ yí padà. "Mo rí ẹ lánàá" ni a ń sọ fún ọ̀rẹ́ ẹni. "Ọ" gan-an ni, ẹnu ló yí i. Bẹ́ẹ̀ náà ni "ìwé ẹ", tó jẹ́ "ìwé rẹ". Nítorí náà, akẹ́kọ̀ọ́ tó kọ "mo bẹ̀ ẹ́, sà" rò pé òun ti bọ̀wọ̀, bẹ́ẹ̀ ọ̀rọ̀ ẹgbẹ́ sí ẹgbẹ́ ló kọ. "Mo bẹ̀ yín" ni. "Mo kí yín" ni. "Kíláàsì yín" ni.

Bí mo ṣe ń mú un rọrùn: n ó gba inú lẹ́tà náà lọ lẹ́ẹ̀kan fún ọ̀rọ̀ yìí nìkan, n kò ní wo nǹkan mìíràn. Gbogbo ibi tí "o", "ọ", "ẹ", "rẹ" àti "yín" bá wà, n ó fa ìlà sí i nídìí, n ó sì bi ara mi pé ta ni ọ̀rọ̀ náà ń tọ́ka sí. Nínú lẹ́tà ìlà méje yìí, ibi mẹ́jọ ni mo fa ìlà sí. Méjì ló ṣubú.

Bí o bá jẹ́ ọmọ Ìjẹ̀ṣà, ṣọ́ra ní ìlọ́po méjì. Nílé, àwọn àgbàlagbà wa ń gbọ́ "ìwọ" lẹ́nu ọmọ wọn, kò sì sí ẹni tó ń bínú, nítorí bí èdè ibẹ̀ ṣe rí nìyẹn. Yorùbá àjùmọ̀lò ni ti ímeèlì, olùkọ́ tó wá láti Ọ̀yọ́ kò sì ní bèèrè ibi tí wọ́n ti bí ọ kí ojú rẹ̀ tó le.

Orúkọ oyè náà wà lára ọ̀wọ̀ yìí. Ẹni tó ti di Ọ̀jọ̀gbọ́n, tí o bá pè é ní Ọ̀mọ̀wé, o ti já a wálẹ̀. Ẹni tí kò tíì gba oyè ọ̀mọ̀wé, tí o wá pè ní Ọ̀jọ̀gbọ́n, á rò pé o ń fi òun ṣe yẹ̀yẹ́. Wo ìwé ètò kọ́ọ̀sì tí wọ́n pín fún yín, tàbí orí ilẹ̀kùn ọ́fíìsì wọn. Tí oyè kò bá sí níbẹ̀, Ọ̀gbẹ́ni tàbí Ìyáàfin tó.

Ṣé dandan ni àmì ohùn? Ímeèlì ṣáà ni, kì í ṣe ìdánwò.

Tí o bá ń kọ ọ́ sí ọ̀rẹ́ rẹ, ṣe bó ṣe wù ọ́. Sí olùkọ́ Yorùbá, dandan ni.

Wo ohun tí ọmọ yìí tọrọ: "e fun mi ni ose kan si." Ọ̀sẹ̀ ló ní lọ́kàn, ọjọ́ méje. Ṣùgbọ́n bó ṣe wà nílẹ̀ yẹn, ó lè jẹ́ ọṣẹ, èyí tí a fi ń wẹ̀. Ó sì lè jẹ́ ọṣẹ́, èyí tí ìjì ń ṣe fún òrùlé. Lóòótọ́, kò sí olùkọ́ tí yóò gbé ọṣẹ fún un. Olùkọ́ á mọ̀ ọ́n. Àmọ́ ó ti fi hàn pé ohun tí wọ́n ti ń kọ́ òun láti Páàtì 1 kò tíì dé ìka òun, ó sì ń tọrọ ojúrere lọ́wọ́ ẹni tó kọ́ ọ.

"Ise mi" náà ńkọ́? Iṣẹ́ ni ohun tí a ń ṣe. Ìṣẹ́ ni òṣì. Mo ti rí ẹni tó fi àmì sí i, tó fi sí ibi tí kò yẹ, tó wá kọ "mo fẹ́ fi ìṣẹ́ mi ránṣẹ́ sí yín." Ta ló ń retí ìyẹn? Bákan náà ni "iya mi": ìyá mi ń ṣàìsàn, àbí ìyà mi? Ibí yìí ni èrò tèmi ti yàtọ̀ sí ti àwọn ẹlẹgbẹ́ mi kan: mo gbà pé àmì tí a fi síbi tí kò yẹ burú ju kí a má fi sí i rárá. Ẹni tí kò fi àmì sí i kánjú ni. Ẹni tó ṣì í fi kò mọ̀ ọ́n. Tí ohùn ọ̀rọ̀ kan kò bá dá ọ lójú, wá ọ̀rọ̀ mìíràn tí o mọ̀.

Kí o má sì gbàgbé pé ohùn àárín kì í gba àmì. Àwọn kan máa ń wọ́n àmì sórí gbogbo fáwẹ́lì bí ẹni wọ́n iyọ̀ sẹ́ja.

Àwọn ọ̀rọ̀ wo ni ẹ máa ń pín sí méjì?

Èyí kì í gba àkókò. Àkọtọ́ tí ìjọba fọwọ́ sí ní 1974 ni olùkọ́ rẹ ń tẹ̀ lé, nítorí náà "nítorí pé" àti "nígbà tí" kò gbọdọ̀ lẹ̀ mọ́ra, "ń ṣe" àti "ń retí" gbọ́dọ̀ ní àlàfo láàárín, "mo kí" kì í ṣe "moki", "ẹ káàárọ̀" sì jẹ́ ọ̀rọ̀ méjì. "Lẹ́yìn" la ń kọ báyìí, kì í ṣe "lẹ́hìn". "Yóò", kì í ṣe "yio". Bí ó bá jẹ́ inú Bíbélì ilé yín lo ti kọ́ ìwé kíkà, ojú rẹ ti mọ́ ti àtijọ́, á sì máa yọ́ wọlé láìjẹ́ pé o mọ̀. Ní ti "wípé", yọ ọ́ kúrò. "Pé" nìkan tó.

Ọjọ́ mélòó ni kí n tọrọ, báwo ni kí n sì ṣe kọ ọ́?

Mo bi ọmọ náà léèrè iye iṣẹ́ tó ṣẹ́ kù. Iṣẹ́ náà dá lórí ìpolówó ọjà: ó ti gba ohùn àwọn oníṣòwò mọ́kànlá sílẹ̀ ní ọjà Odò-Ogbè, ó ti da mẹ́jọ kọ sínú ìwé, ó ku mẹ́ta àti ìtúpalẹ̀. Mo ní, ohùn kan ń gbà ọ́ tó wákàtí mélòó? Ó ní wákàtí mẹ́ta. Ìyẹn mẹ́sàn-án. Ìtúpalẹ̀ ńkọ́? Ó ní ọjọ́ kan gbáko. Pẹ̀lú pé ó ń lọ sùn ti ìyá rẹ̀ ní Iléṣà lálaalẹ́, ọjọ́ mẹ́rin lé lórí gbèdéke tó o. Kí ló wá ń fi ọ̀sẹ̀ kan ṣe? Ó rẹ́rìn-ín, ó ní òun rò pé olùkọ́ á gé e kù ni. Ọjà kọ́ lo ń ná. Olùkọ́ tó bá rí i pé ọjọ́ tí o tọrọ bá iṣẹ́ tó ṣẹ́ kù mu kò ní ìdí láti gé e.

Ṣùgbọ́n má kọ "ọjọ́ mẹ́rin" nìkan. Yorùbá ń ka ọjọ́ mọ́ ọjọ́ tí a wà. Ọjà ọlọ́jọ́ márùn-ún, tí a ń pè ní ọrọọrún, ọjọ́ mẹ́rin ló wà láàárín ọjà kan àti èkejì lójú ẹni tó ń ka kàlẹ́ńdà. A ka ọjọ́ ọjà méjèèjì mọ́ ọn ni. Nítorí náà, láti ọjọ́ Ẹtì, ọjọ́ mẹ́rin bọ́ sí Ìṣẹ́gun lórí kàlẹ́ńdà, àmọ́ ẹni tó bá kà á bí ìyá àgbà ṣe ń kà á, tó ní Ẹtì, Àbámẹ́ta, Àìkú, Ajé, ó ti parí lọ́jọ́ Ajé. Olùkọ́ àti akẹ́kọ̀ọ́ lè ka oríṣi méjì, kí kálukú sì rò pé òun tọ̀nà. Kọ orúkọ ọjọ́, kọ déètì, kọ aago.

Kí o tó fi ránṣẹ́, wo kàlẹ́ńdà bóyá orúkọ ọjọ́ àti déètì bára mu. Mo ti jẹbi èyí rí. Mo tún lẹ́tà ẹnì kan ṣe débi pé kò sí àmì kan tó yẹ̀, àṣé Ọjọ́bọ̀ tó kọ kì í ṣe déètì tó kọ tẹ̀ lé e. Olùkọ́ mú èyí tó yá nínú méjèèjì, ọmọ náà sì sùn sí ọ́fíìsì mi lálẹ́ ọjọ́ náà láti parí iṣẹ́. N kò gba owó lọ́wọ́ rẹ̀.

Ọ̀rọ̀ kan wà tí mo máa ń yọ kúrò níbikíbi tí mo bá ti rí i: "ẹ bá mi sún un síwájú." Ẹnì kan gbọ́ ọ pé kó pẹ́ sí i, ẹlòmíì gbọ́ ọ pé kó tètè dé. "Ẹ bá mi sún un sí ọjọ́ Ìṣẹ́gun" kò ní ojú méjì.

Ìdí wo ni kí n sọ?

Èyí tó ṣẹlẹ̀. Gbólóhùn kan tàbí méjì péré, kí ó ní ìgbà tó bẹ̀rẹ̀ àti bó ṣe kan iṣẹ́ náà. "Ìyá mi ń ṣàìsàn" kò tíì sọ nǹkan kan fún olùkọ́. Ìyá gbogbo wa ń ṣàìsàn lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan. "Wọ́n ti dá ìyá mi dúró sí ilé ìwòsàn ní Iléṣà láti ọjọ́ Àìkú, èmi ni mo sì ń sùn tì wọ́n" ti sọ ọ́. Orúkọ àìsàn kò kàn wọ́n, má fi í síbẹ̀. Bí ìwé láti ilé ìwòsàn bá wà, sọ pé ó wà, kí o sì jẹ́ kí wọ́n béèrè fún un fúnra wọn.

"Iná kò sí" kì í ràn án. Àìsí iná kò yọ ẹnikẹ́ni sílẹ̀ nínú kíláàsì náà, àwọn kan sì ti kó tiwọn wá.

Àwọn kan ti bẹ̀ mí pé kí n bá àwọn hun ìdí. N kì í ṣe é. Ọmọkùnrin kan fẹ́ kí n kọ ọ́ pé bàbá àgbà òun kú, ó sì ti pa bàbá àgbà yẹn kan náà fún kọ́ọ̀sì mìíràn ní sáà tó kọjá. Àwọn olùkọ́ máa ń jẹun pọ̀.

Báwo ni lẹ́tà náà ṣe wá rí?

Òun ló tẹ ẹ́, èmi jókòó tì í. Orí ọ̀rọ̀ ló kọ́kọ́ kọ, kí olùkọ́ lè mọ ohun tó wà níbẹ̀ láì tíì ṣí i:

```
YOR 305: Ẹ̀bẹ̀ láti kó iṣẹ́ ìpolówó ọjà wá
ní Ìṣẹ́gun, 18 oṣù Kẹta
```

Ara lẹ́tà náà sì nìyí, mo yọ orúkọ kúrò:

```
Ọ̀mọ̀wé ...,

Ẹ káàárọ̀, sà. Orúkọ mi ni ..., Páàtì 3,
nọ́ńbà ìforúkọsílẹ̀ mi ni ... Mo ń kọ̀wé nípa
iṣẹ́ ìpolówó ọjà tí ẹ ní kí a kó wá ní ọjọ́ Ẹtì,
14 oṣù Kẹta, aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́.

Wọ́n ti dá ìyá mi dúró sí ilé ìwòsàn ní Iléṣà
láti ọjọ́ Àìkú, èmi ni mo sì ń sùn tì wọ́n. Mo ti
gba ohùn mọ́kànlá sílẹ̀, mo ti da mẹ́jọ kọ. Ó ku
mẹ́ta àti ìtúpalẹ̀.

Mo bẹ̀ yín, sà, kí ẹ jẹ́ kí n kó o wá ní ọjọ́
Ìṣẹ́gun, 18 oṣù Kẹta, aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́. Mo fi
mẹ́jọ tí mo ti dà kọ mọ́ lẹ́tà yìí. Bí kò bá ṣeé
ṣe, èyí tó wà lọ́wọ́ mi ni n ó kó wá ní ọjọ́ Ẹtì.

Ẹ ṣeun, sà.
```

Wo gbólóhùn tó ṣáájú "ẹ ṣeun". Òun ló sọ fún olùkọ́ pé àṣẹ ṣì wà lọ́wọ́ wọn, tí "fi tó yín létí" ti kọ́kọ́ gbà kúrò. Fáìlì tó fi mọ́ ọn sì ń jẹ́rìí sí mẹ́jọ tó ní òun ti ṣe.

Oríkì olùkọ́ tó fẹ́ fi ṣáájú, èmi ni mo ní kó yọ ọ́. Ó dùn, àmọ́ ẹni tó bá ki ẹnì kan kó tó tọrọ nǹkan lọ́wọ́ rẹ̀, oníṣẹ́ ìlù là ń pè é.

Ẹ ò ti bá a kọ ọ́ tán báyìí?

Ìbéèrè tó yẹ ni. Ààlà tí mo fà fún ara mi ni pé n kì í fọwọ́ kan bọ́tìnì. Mo ń béèrè, òun ń dáhùn, ìdáhùn rẹ̀ la ń kọ. "Èmi ni mo sì ń sùn tì wọ́n" jẹ́ ọ̀rọ̀ ẹnu rẹ̀. Èmi ì bá ti kọ nǹkan mìíràn, ti rẹ̀ sì dára jù. Iṣẹ́ ìpolówó ọjà fúnra rẹ̀, n kò wò ó. Ìyẹn ni olùkọ́ fẹ́ fi dá a mọ̀, bí mo bá sì tún àmì ohùn inú rẹ̀ ṣe, èmi ni wọ́n ń fún ní máàkì.

Mo fi àmì sí i dáadáa, àmọ́ àpótí-àpótí ló dé ọ̀dọ̀ wọn.

Fọ́ǹtì ló fà á. Àwọn fọ́ǹtì àtijọ́ kan wà tí wọ́n ṣe fún Yorùbá, tó jẹ́ pé àyè àmì mìíràn ni wọ́n gbé "ẹ" àti "ṣ" sí. Lórí kọ̀ǹpútà tó ní fọ́ǹtì náà, ó ń dán. Lórí fóònù olùkọ́, tí kò ní i, ó di àmì owó àti àpótí. Lo bọ́tìnì Yorùbá tó wà nínú Gboard lórí fóònù. Bí o bá wà lórí Word, tẹ kóòdù, kí o sì tẹ Alt+X:

```
1EB9  ẹ
1ECD  ọ
1E63  ṣ
0300  àmì ìsàlẹ̀
0301  àmì òkè
```

"Ẹ̀" kò ní kóòdù kan ṣoṣo tirẹ̀. Kọ́kọ́ tẹ ẹ, kí o tó wá fi 0300 lé e. Ìdẹkùn kan wà: bí o bá fẹ́ fi 0300 sórí "e" tí kò ní àmì nídìí tàbí sórí "a", Word á ka lẹ́tà náà mọ́ kóòdù, nítorí a àti e wà lára ohun tí a fi ń kọ kóòdù. Fi máòsì yan 0300 nìkan kí o tó tẹ Alt+X.

Lórí fóònù, pa àtúnṣe aládàáṣe kúrò. Ojú mi ló ṣe nígbà tí "ise mi" di "rise mi". Lẹ́yìn gbogbo rẹ̀, fi lẹ́tà náà ránṣẹ́ sí ara rẹ, kí o sì ṣí i lórí fóònù ẹlòmíì. Ibẹ̀ ni àpótí á ti hàn.

Gbèdéke ti kọjá kí n tó kọ ọ́ ńkọ́?

Lẹ́tà mìíràn nìyẹn. O ò tọrọ àfikún ọjọ́ mọ́, àforíjì lo ń tọrọ, iṣẹ́ náà sì gbọ́dọ̀ wà lára rẹ̀. Má kọ "mo fẹ́ tọrọ àyè" sí ohun tó ti kọjá. Kọ ọ́ pé o ti pẹ́, sọ iye wákàtí tàbí ọjọ́, fi iṣẹ́ mọ́ ọn.

Wọn kò fèsì. Ṣé kí n tún un fi ránṣẹ́?

Kì í ṣe lọ́jọ́ kan náà. Àìfèsì kì í ṣe bẹ́ẹ̀ ni, nítorí náà máa bá iṣẹ́ lọ bíi pé gbèdéke kò yí padà. Bí ilẹ̀ ọjọ́ kejì bá mọ́ tí kò sí nǹkan, lọ sí ọ́fíìsì wọn ní wákàtí tí wọ́n kọ sára ilẹ̀kùn, mú lẹ́tà náà dání lórí bébà.

Ohun tí ọmọ yìí ṣe nìyẹn lówùúrọ̀ ọjọ́ Ẹtì. Olùkọ́ ti kà á, iná ni kò jẹ́ kí wọ́n fèsì. Wọ́n ní kó máa lọ sí Iléṣà, pé Ìṣẹ́gun ti dára, wọ́n sì fi bírò fa ìlà sí ibì kan lórí bébà náà. "Nọ́ńbà" ni. Wọ́n ní kí ló dé tí kò kọ "òǹkà". Àwa méjèèjì ṣì ń jiyàn lórí rẹ̀.